Bí a ṣe ń ka notíìsì inú páálí oògùn: ọ̀rọ̀ ibupurofẹ́ẹ̀nì Bàbá ní Kétu

Àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Kétu ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, ti ń yàgbẹ́ dúdú láti àárọ̀, bí ó bá sì dìde, òòyì ń kọ́ ọ. Mo bi í pé oògùn wo ni Bàbá ń lò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn orúnkún ni. Èmi fúnra mi ni mo ka ìwé rẹ̀ fún wọn.”

Kò parọ́. Ó ka ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi méjì péré ló kà: ibi tí wọ́n kọ àìsàn tí oògùn náà ń wò sí, àti ibi tí wọ́n kọ iye hóró tí a ó lò lójúmọ́ sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá wà gan-an ló fò kọjá.

Ó di ọdún 14 tí mo ti ń dúró lẹ́yìn káńtà fámásì ní Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣe ń kà á. N kò bá wọn wí. Ìwé pélébé náà gùn, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí eèrà, èdè Faransé tó wà nínú rẹ̀ sì le. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà kà á tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Oògùn Bàbá, ibupurofẹ́ẹ̀nì 400 mílígíráàmù, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kò sí ilé tí kò ti wọ̀ nílùú wa.

Kí ẹ tó kà á: ẹ rí i pé ìwé náà wà lọ́wọ́, àti pé ti oògùn yìí ni

Ẹni tó bá ra káàdì oògùn kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó gbé igbá kiri kò ní rí notíìsì gbà, torí ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú páálí, ẹni tó ra páálí ló ni ín. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ mú káàdì náà lọ sí fámásì, kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka notíìsì oògùn tó jẹ́ orúkọ kan náà àti ìwọ̀n kan náà. Kò sí ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín fún un. Bí káàdì náà kò bá ní orúkọ lára, tàbí tí wọ́n ti gé ibi tí orúkọ àti ọjọ́ ìparí wà dànù, ẹ má lò ó rárá. Kò sí ìwé tó lè bá yín ṣàlàyé oògùn tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó gbọ́ Faransé, ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ ní ojú ọ̀sán, kí ẹ ya ojú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, apá kan lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán kan ni àbúrò mi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibi tí ìwé ti ká ni òjìji bò, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń wá.

Ohun tó máa mú kó rọrùn fún yín ni pé notíìsì tó ń tọ̀nà Faransé wá ní apá mẹ́fà, nọ́ńbà 1 sí 6 sì wà níwájú wọn. Ìkíní sọ ohun tí oògùn jẹ́ àti ohun tó ń wò. Ìkejì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀ kí a tó fi kan ẹnu. Ìkẹta sọ bí a ṣe ń lò ó. Ìkẹrin ni wàhálà tí ó lè dá sílẹ̀. Ìkarùn-ún jẹ́ ti ìpamọ́, ìkẹfà jẹ́ ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ gbogbo Faransé rẹ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ wà. Àwọn oògùn tó gba Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà máa ń ní ìwé elédè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà lè má sì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ètò rẹ̀ ló lè yàtọ̀.

Ẹ wá orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá

Orúkọ gàdàgbà tó wà lójú páálí, orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tajà ni. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara ni orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ mílígíráàmù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́wàá lè ta ibupurofẹ́ẹ̀nì pẹ̀lú orúkọ mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá wo orúkọ kékeré lè máa lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó rò pé oríṣi méjì ni.

Ẹ tún wo ìdílé rẹ̀. Ibupurofẹ́ẹ̀nì, díkílófẹ́nákì, kẹtopurofẹ́ẹ̀nì àti asipirín tí à ń lò fún ìrora, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Nínú notíìsì Faransé, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe ìdílé yìí: A, I, N, S. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí lẹ́tà mẹ́rin yẹn tẹ̀lé ara wọn, oògùn yìí àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. A kì í lo méjì nínú wọn pọ̀. Ìrora kò ní tìtorí ìyẹn lọ tó bí a ṣe rò, ṣùgbọ́n ewu fún ikùn a di ìlọ́po.

Nígbà tí mo ní kí àbúrò mi da gbogbo oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Bàbá sílẹ̀, ó rí ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n di hóró oríṣi mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹnìkan ní ọjà ló fún wọn, ó ní kí wọ́n fi kún un kí orúnkún lè tètè gbà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ṣì ní àmì lára: díkílófẹ́nákì ni.

Apá kejì: ẹ kọ ti ara yín sílẹ̀ kí ẹ tó kà á

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi àkókò yín sí jù. Ohun tó ń jẹ́ kó sú ènìyàn ni pé àìsàn tó wà níbẹ̀ pọ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé pẹlẹbẹ kan, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún nípa ẹni tó fẹ́ lo oògùn: ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn tó ní tàbí tó ti ní rí, gbogbo oògùn tó ń lò lójoojúmọ́ pẹ̀lú àgbo, oyún tàbí ọmú bí ó bá jẹ́ obìnrin, àti oògùn tí ara rẹ̀ ti kọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa fi ìka tọ apá kejì sílẹ̀, kí ẹ máa wá ohun tó bá ìwé yín mu nìkan.

Ti Bàbá nìyí. Ọdún 67. Ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́fà. Ikùn a máa ta á bí ebi bá pa á, ó sì ti dà á láàmú fún oṣù kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Hóró kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní àárọ̀ àárọ̀, tó ní oògùn méjì nínú: péríndópírílì àti ìndápámáìdì. Kò sí oògùn tí ara rẹ̀ ti kọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá pàdé ní apá kejì ni gbólóhùn dúdú kan tí à ń pè báyìí: “nẹ pirẹné jamẹ́”. Ó túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ lò ó láé. Kì í ṣe ìkìlọ̀, àṣẹ ni. Bí ohun kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ bá bá ìwé yín mu, ẹ dá oògùn náà padà sínú páálí. Fún ibupurofẹ́ẹ̀nì, ẹ máa rí níbẹ̀: obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà, ẹni tí asipirín tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti mú kí ikọ́ fée kì í rí, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lọ́wọ́, tàbí tí ọgbẹ́ náà ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí nítorí irú oògùn yìí, ẹni tí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ gidigidi.

Bàbá dúró lójú ìloro ìlà kẹta yẹn. Ọgbẹ́ rẹ̀ ti pẹ́, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ó san. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìlà náà tó sì mọ ìtàn Bàbá ì bá ti dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni ti ìkìlọ̀ àti ìṣọ́ra. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́ ni pé níbí, wọn kò ní kí ẹ má lò ó, wọ́n ní kí ẹ bá dókítà tàbí oníṣẹ́ fámásì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó ti dàgbà wà níbẹ̀. Ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀ nítorí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì wà níbẹ̀. Kí ẹ má ka èyí sí eré: ní àsìkò ooru, ẹni tó kọ ebè láti òwúrọ̀ tí kò sì mumi, omi ti tán lára òun náà.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oògùn mìíràn. Orúkọ tó wà níbẹ̀ máa ń le, ọgbọ́n kan sì wà tí mo fi ń kọ́ àwọn ènìyàn mi: ẹ wo òpin orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí ó bá parí sí lẹ́tà p-r-i-l, tàbí s-a-r-t-a-n, ó wà lára àwọn tí notíìsì ibupurofẹ́ẹ̀nì ń sọ. Ẹ tún wá ọ̀rọ̀ “diúrétíìkì”, ìyẹn oògùn tó ń múni tọ̀. Ìndápámáìdì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn mìíràn tó yẹ kí ẹ wá ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti kọ́tísónì.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń bẹ̀rù kí àwọn oògùn yìí pàdé? Ẹ wo kíndìnrín bí asẹ́ tí omi ń gbà kọjá. Ó ní ẹnu tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti ẹnu tó ń gbà jáde. Ipá omi tó wà láàárín méjèèjì ló ń mú kó sẹ́. Ibupurofẹ́ẹ̀nì a máa fún ẹnu àbáwọlé pọ̀. Oògùn tó parí sí p-r-i-l a máa la ẹnu àbájáde gbòòrò. Oògùn tó ń múni tọ̀ a máa dín omi tó ń bọ̀ kù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò burú púpọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára àgbàlagbà tí kò mumi dáadáa, asẹ́ náà lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró láàárín ọjọ́ mélòó kan. Yàtọ̀ sí èyí, ibupurofẹ́ẹ̀nì máa ń dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, kí ẹ̀jẹ̀ sì tún ru sókè. Oògùn méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti wà nínú hóró kan tí Bàbá ń lò ní àárọ̀. Oògùn orúnkún ló wá di ìkẹta.

Apá kẹta: ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀

Èyí yá. Fún àgbàlagbà, hóró 400 kan, bí ìrora bá padà dé kí ẹ tún lo ọ̀kan, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì. Kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́ta lọ lójúmọ́, ìyẹn 1,200 mílígíráàmù. Pẹ̀lú oúnjẹ ni. Ọjọ́ márùn-ún ni fún ìrora, ọjọ́ mẹ́ta fún ibà. Bí kò bá tíì lọ, kì í ṣe pé kí ẹ tún ra páálí mìíràn, dókítà ni kí ẹ lọ rí.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń kà sódì ni pé mẹ́ta lójúmọ́ jẹ́ òté, kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ parí. Bí ọ̀kan bá ti tó, ẹ dúró sí ọ̀kan. Àbúrò mi ti kọ “3 lójúmọ́” gàdàgbà sára páálí, Bàbá sì ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkùnà, bí ìgbà tó ń kí ìrun, kódà ní ọjọ́ tí orúnkún kò dùn ún mọ́.

Apá kẹrin: ọ̀nà méjì ni a fi ń kà á

Níbí ni ẹ̀rù ti máa ń ba ènìyàn. Wọ́n á to wàhálà 30 tàbí 40 sílẹ̀, ẹlòmíràn á sì ju oògùn nù. Ẹlòmíràn á ní gbogbo oògùn ló ń kọ irú èyí, á sì pa ìwé dé. Àwọn méjèèjì kò kà á dáadáa.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti iye ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wàhálà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. “Trẹ̀ firékàǹ” jẹ́ pé nínú ènìyàn 10 tó lò ó, ó ju ọ̀kan lọ tó ṣe. “Firékàǹ” jẹ́ láàárín 1 sí 10 nínú 100. “Pẹ́ firékàǹ” jẹ́ láàárín 1 sí 10 nínú 1,000. “Ráàrì” jẹ́ láàárín 1 sí 10 nínú 10,000. “Trẹ̀ ráàrì” kò tó ẹyọ kan nínú 10,000. Bí wọ́n bá ní a kò lè mọ iye rẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó jọ kò tó láti fi kà á. Kò túmọ̀ sí pé kì í ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti bí ó ṣe le tó. Ètò méjèèjì kì í bá ara wọn rìn. Inú rírun àti èébì díẹ̀ wọ́pọ̀, wọn kì í sì í pa ènìyàn. Awọ ara tó ń bó bí ẹni tí iná jó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó lè pa á. Ẹni tó bá ń ka ti iye nìkan á dúró lókè, á sì fi èyí tó léwu jù sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ pé kí a dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi bíírò fa ìlà sí i. Ní ọ̀pọ̀ notíìsì, òun ló ṣáájú ní apá kẹrin. Ní àwọn mìíràn ó fọ́nká sáàárín.

Nǹkan kan wà tí ìwé náà kò sọ tààrà, òun ni mo rò pé ó ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí. Ènìyàn 10,000 tí wọ́n ń kà yẹn, àdàlù ni: ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó lò ó fún ọjọ́ kan nítorí eyín wà níbẹ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ le koko wà níbẹ̀. Wàhálà náà kì í pín dọ́gba láàárín wọn. Orí àwọn tí apá kejì dárúkọ ló máa ń bọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “ráàrì” níwájú ikùn tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ padà lọ wo ìwé tí ẹ kọ. Fún àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 30, ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Fún Bàbá tó jẹ́ ẹni ọdún 67, tó ti ní ọgbẹ́ inú rí, tó ń lo ọmọ ìyá méjì pọ̀, kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Apá kejì ló ń sọ fún yín bí ẹ ó ṣe ka nọ́ńbà apá kẹrin.

Ìgbẹ́ dúdú Bàbá

Ìyá wa ní ẹ̀fọ́ ni. Ìyàwó Bàbá ní àgbo tó mu lọ́jọ́ Wẹ́sidé ni. Àwọn méjèèjì ní ìdí, torí oúnjẹ àti oògùn kan lè mú ìgbẹ́ dúdú, pàápàá hóró irin tí wọ́n ń fún aboyún. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Ìgbẹ́ tí irin tàbí ẹ̀fọ́ mú dúdú máa ń le bí ìgbẹ́ gbogbo, òórùn rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀, ara ẹni náà sì dá. Èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń dúdú bí ọ̀dà, ó ń dán, ó ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan, òórùn rẹ̀ sì burú lọ́nà tí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kì í gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ikùn wá tó sì ti yí padà nínú ìfun ló ń rí báyìí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pupa. Bí ẹni náà bá sì ń bì, èébì lè pupa, ó sì lè dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí.

Mo ní kí àbúrò mi béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ìgbẹ́ náà ń lẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, omi kò tètè gbé e lọ. Ṣé òórùn rẹ̀ yàtọ̀? Ìyàwó Bàbá ti fèsì kí ó tó béèrè tán. Ṣé òòyì ń kọ́ Bàbá nígbà tó bá dìde, àbí nígbà tó jókòó pàápàá? Nígbà tó bá dìde ni, ó sì ń làágùn tútù. Mo bi í bóyá ikùn ń dùn ún. Ó ní rárá, kò dùn ún rárá, ìdí nìyẹn tí ọkàn gbogbo wọn fi balẹ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Oògùn tó ń pa ìrora orúnkún ń pa ìrora ikùn náà. Ikùn lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdun ènìyàn, àgàgà àgbàlagbà. Bí ikùn kò bá ta á, ìyẹn kò ní kí ẹ dúró dọ̀la.

Èwo ni ká dúró, èwo ni ká pè, èwo ni ká gbéra

Bí ó bá jẹ́ inú rírun díẹ̀, tàbí tí èébì kàn ń gbé ènìyàn lásán, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, tàbí kí ẹ dá a dúró kí ẹ sì wò ó di ọjọ́ kejì.

Bí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bí ìtọ̀ bá dín kù gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gòkè nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, bí nǹkan bá sú sí ara láìsí ohun mìíràn, ẹ dá ibupurofẹ́ẹ̀nì dúró, kí ẹ sì rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín, àwọn ni kí ẹ bi.

Àwọn tí a kì í dúró fún, ní ọ̀sán tàbí òru: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí èébì ẹ̀jẹ̀, ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun tó ń wú, tàbí èémí tó ń há, èyí tó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan lẹ́yìn hóró, awọ ara tó ń lé ròrò tàbí tó ń bó, pàápàá bí ojú, ẹnu tàbí ojú ara bá ti dá egbò pẹ̀lú ibà, èyí tó lè dé lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyà tó ń dùn, tàbí apá kan ara tó rọ lójijì, tí ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu, ìtọ̀ tó dá pátápátá. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó. Ẹ má dúró kí méjì pé.

Láti Kétu, ilé ìwòsàn agbègbè wa wà ní Pọ́bẹ̀, kì í ṣe ibi tí a fẹsẹ̀ rìn dé. Bí mọ́tò bá wà, mọ́tò ni kí ẹ gbé, kí ẹni tí òòyì ń kọ́ lè dùbúlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ zémìjàn nìkan ló wà, ẹ má jẹ́ kó dá jókòó lẹ́yìn. Kí ẹnìkan jókòó tẹ̀lé e kó dì í mú. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo, torí wọ́n lè fẹ́ fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora mìíràn lójú ọ̀nà.

Ẹ mú páálí, káàdì tó ṣẹ́kù àti notíìsì dání, àti gbogbo ọ̀rá oògùn tó wà nílé, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti mú jáde. Ẹ kọ ìgbà tó lo hóró tó kẹ́yìn. Ẹ ka ihò tó ti ṣófo lára káàdì: ti Bàbá jẹ́ 12, ìyẹn mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gééré. Dókítà tó bá rí èyí kò ní máa wá ìdí ìṣẹ̀jẹ̀ náà kiri.

Wọ́n dé Pọ́bẹ̀ kó tó di ọ̀gànjọ́. Wọ́n fún un ní omi àti ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó padà bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n dá oògùn ìrora méjèèjì dúró. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ńkọ́?

Ohun kan ló yàtọ̀ jù. Omi oògùn ọmọdé, kílò ọmọ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ orí, abẹ́rẹ́ aláìlẹ́nu tó wà nínú páálí náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ti páálí mìíràn kò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ṣíbí ilé ìdáná kò sì dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ẹ bi oníṣẹ́ fámásì kí ẹ tó fún un ní ibupurofẹ́ẹ̀nì, nítorí ọ̀rọ̀ asẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti Bàbá, parasitamọ́ọ̀lù ni wọ́n fi orúnkún rẹ̀ sí báyìí, notíìsì tirẹ̀ náà sì ní òté tirẹ̀: 3 gíráàmù lójúmọ́ bí kò bá sí dókítà tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ni ewu tirẹ̀ wà, kì í ṣe ikùn. Mo bá wọn kà á ní ìyẹ̀wù wọn nígbà tí mo wá sí Kétu. Bàbá ti kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan, ó ká notíìsì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara páálí rẹ̀, ó fi rọ́bà dè é. Lẹ́yìn agolo náà, àbúrò mi ti lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn: ọdún 67, ẹ̀jẹ̀ ríru, péríndópírílì, ìndápámáìdì, ikùn ti ṣẹ̀jẹ̀ rí. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ lẹ́tà mẹ́rin, A, I, N, S, tó sì fi bíírò pupa fà wọ́n já.